Ọ̀pá Pé, Àwọ̀ Ò Ṣá: Orin Ìpolówó Àbẹ̀kẹ́ Aláṣọ, Gbági Tuntun, Ìbàdàn

Fún sítúdíò, àwọn akọrin, onílù àti àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó máa ka á. Ẹ̀dà mẹ́ta ni: ti ìṣẹ́jú àáyá 60, ti 30 àti ti 10. Lẹ́yìn wọn ni ọ̀rọ̀ àkàsáfẹ́fẹ́ mẹ́rin àti ẹ̀dà Iléyá.

Ẹ̀DÀ GÍGÙN (ìṣẹ́jú àáyá 60)

[Gángan nìkan: dò-mí-mí, dò-dò-dò-mí. Ẹ̀ẹ̀mejì. Ìró ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ tẹ̀ lé e, ó sì dúró lójijì.]

TÉLỌ̀: Ìyá Kẹ́hìndé, ẹ má bìínú o. Aṣọ yín yìí ò tó.

ÌYÁ KẸ́HÌNDÉ: Kò tó báwo? Yáàdì mẹ́fà ni mo rà! Ojú mi báyìí ni wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n!

TÉLỌ̀: Ẹ wo tépù. Márùn-ún àti ààbọ̀ ni. Kí ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n?

ÌYÁ KẸ́HÌNDÉ: Wọ́n... (ohùn rẹ̀ rọlẹ̀) wọ́n fi etí aṣọ kan imú, wọ́n wá nà án dé ìka ọwọ́.

[Ìdákẹ́, bí ìṣẹ́jú àáyá kan.]

TÉLỌ̀: Ọwọ́ ta ni?

ÌYÁ KẸ́HÌNDÉ: Ti ọmọ kékeré kan tó ń bá wọn tajà.

TÉLỌ̀: Ẹ ò wá rí i! Bùbá á wà, apá ọ̀tún ni ò ní sí.

[Ẹ̀rín. Gángan gbà á, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo wọlé.]

LÍLÉ: Ìyá Kẹ́hìndé, ẹ má sunkún mọ́,
Gbági Tuntun lẹ máa lọ.
ÈGBÈ: Ọ̀pá pé, àwọ̀ ò ṣá!
LÍLÉ: Àǹkárá ń bẹ, léèsì ń bẹ,
Gínnì tó ń dán gbinrin.
ÈGBÈ: Ọ̀pá pé, àwọ̀ ò ṣá!
LÍLÉ: Àtíkù ọkọ, àdìrẹ ìyàwó,
Aṣọ ẹbí ogójì èèyàn.
ÈGBÈ: Ọ̀pá pé, àwọ̀ ò ṣá!
LÍLÉ: Irin la fi ń wọ̀n ọ́n, a kì í fimú wọ̀n ọ́n,
Àbẹ̀kẹ́ Aláṣọ ni!
ÈGBÈ: Ọ̀pá pé, àwọ̀ ò ṣá!

[Ìlù dákẹ́ pátápátá.]

OHÙN OBÌNRIN: Àbẹ̀kẹ́ Aláṣọ, Gbági Tuntun, lójú ọ̀nà Ifẹ̀, Ìbàdàn. Ẹ gba ẹnu ọ̀nà àwọn oníbọ́tìnnì wọlé, ẹ ka ṣọ́ọ̀bù méje lọ́wọ́ ọ̀tún. Ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé. Mọ́ńdè sí Sátidé, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ẹ mú tépù tiyín dání, ẹ fi wọn irin wa wò.

[Gángan nìkan, ẹ̀ẹ̀kan: dò-mí-mí, dò-dò-dò-mí. Ó parí.]

Sí onílù àti akọrin: ohùn ọ̀rọ̀ ló gbé orin yìí dúró. "Ọ̀pá pé" gbọ́dọ̀ gòkè, "àwọ̀ ò" gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ gbọọrọ kí "ṣá" tó fò sókè. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ohùn dídùn gbé "àwọ̀" lọ sókè kí ó lè bá dùùrù mu, ẹni tó wà nínú ọkọ̀ á máa bi ara rẹ̀ léèrè pé awo wo la ń tà. Nítorí náà, kò sí dùùrù nínú èyí. Gángan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, agogo, ó tó. Ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ ni ká gbà sílẹ̀, kó má jẹ́ oníná: ìró ti oníná máa ń dà bí ti ẹ̀rọ ìlọta lórí rédíò kékeré.

Ìdákẹ́ tó wà ṣáájú "Ọwọ́ ta ni?" kò gbọ́dọ̀ dínkù kí a lè fi rí àyè fún nǹkan mìíràn. Bí ó bá kúrò, àpárá náà ti kú. Bí àkókò bá pọ̀ jù, ẹsẹ orin kẹta ni kí ẹ yọ. Ẹ má fọwọ́ kan àdírẹ́sì, ẹ má sì fi ìlù sábẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni oníbàárà ti ń sọnù. A mọ̀ọ́mọ̀ fi nọ́ńbà fóònù sílẹ̀ ni, torí ẹni tó ń wakọ̀ ò lè kọ ọ́, ẹni tó ń dáná ò sì ní bíírò lọ́wọ́. Iye owó náà kò sí níbẹ̀: kí oṣù tó parí, iye tí a gbà sílẹ̀ lè ti di irọ́.

Ẹ̀DÀ ÀÁRÍN (ìṣẹ́jú àáyá 30)

[Gángan, ẹ̀ẹ̀kan. Ariwo ọjà lábẹ́lẹ̀.]

ÀBẸ̀KẸ́: Sùúrù, Ṣadé! Má fa aṣọ yẹn lórí irin!

ṢADÉ: Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo fẹ́ kó gún régé ni.

ÀBẸ̀KẸ́: Léèsì tó ń nà nìyẹn. Bí o bá fà á, á gùn níbí, á kúrú nílé oníbàárà. Tẹ́ ẹ sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ̀n-ẹ́n. Ínǹṣì mẹ́rìndínlógójì, kí o tó ka "ọ̀kan".

ONÍBÀÁRÀ: Ìyá Aláṣọ, Ọlọ́run á bá yín tà á o!

ÈGBÈ: Ọ̀pá pé, àwọ̀ ò ṣá!

OHÙN OBÌNRIN: Àbẹ̀kẹ́ Aláṣọ, Gbági Tuntun, Ìbàdàn. Ẹnu ọ̀nà oníbọ́tìnnì, ṣọ́ọ̀bù keje, ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé.

[Gángan, ẹ̀ẹ̀kan.]

Ẹ̀DÀ KÚKÚRÚ (ìṣẹ́jú àáyá 10, ṣáájú ìròyìn)

LÍLÉ: Imú kọ́, irin ni!
ÈGBÈ: Ọ̀pá pé, àwọ̀ ò ṣá!
OHÙN OBÌNRIN: Àbẹ̀kẹ́ Aláṣọ, Gbági Tuntun, ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé.

Ọ̀RỌ̀ ÀKÀSÁFẸ́FẸ́

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ló máa ka ìwọ̀nyí láàrin ètò, kò sí ìlù lábẹ́ wọn. Ẹ kà wọ́n bí ẹni ń bá ará ilé sọ̀rọ̀. Ẹ lè yí ìkíni padà gẹ́gẹ́ bí àkókò bá ṣe rí, ṣùgbọ́n ẹ má yí iye yáàdì padà.

Ọ̀kan, ti àárọ̀. "Ẹ káàárọ̀ o. Kí ẹ tó sanwó àǹkárá, ẹ yí i padà. Èyí tí wọ́n fi ìda tẹ̀ dáadáa, ojú àti ẹ̀yìn rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bákan náà. Èyí tí wọ́n tẹ̀ sí ojú kan, àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kì í tó ti iwájú. Ẹ wá mú aṣọ ìnujú funfun, ẹ rẹ igun rẹ̀ sómi, ẹ fi ra etí àǹkárá náà dáadáa. Bí àwọ̀ bá bá aṣọ ìnujú lọ, ẹ ti rí ohun tí ọṣẹ máa ṣe sí i. Lọ́dọ̀ Àbẹ̀kẹ́ Aláṣọ, Gbági Tuntun, omi àti aṣọ funfun wà lórí káńtà. Ọ̀pá pé, àwọ̀ ò ṣá."

Èkejì, ti ọ̀sán. "Yáàdì mélòó ló tó yín? Bùbá àti ṣòkòtò ọkùnrin, yáàdì mẹ́rin, bí ìbú aṣọ bá tó ínǹṣì 58 sí 60, bíi ti àtíkù. Bí agbádá bá wà níbẹ̀, ẹ ra mẹ́wàá. Ìró àti bùbá léèsì, márùn-ún. Àǹkárá kì í fẹ̀ ju ínǹṣì 45 tàbí 46 lọ, ìdí nìyẹn tí ó fi ń wá ní mẹ́fà mẹ́fà. Ẹni tó bá sanra tàbí tó ga, kó fi yáàdì kan lé e, kó má fi ti ẹlòmíràn ṣe òṣùwọ̀n. Bẹ́ẹ̀ bá dé Àbẹ̀kẹ́ Aláṣọ, ẹ sọ irú aṣọ tẹ́ ẹ fẹ́ rán kí wọ́n tó gé e, torí aṣọ tí sísọ́ọ̀sì bá ti kàn kò ṣeé dá padà. Ọ̀pá pé, àwọ̀ ò ṣá."

Ẹ̀kẹta, ti ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì, tí àwọn alága ìgbìmọ̀ aṣọ ẹbí ń gbọ́ rédíò. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kó owó aṣọ ẹbí jọ, ẹ gbọ́ mi. Ẹ má ra ti ogún èèyàn lónìí kí ẹ tún padà wá ra ti mẹ́wàá lóṣù tó ń bọ̀. Aṣọ kan náà, àpẹẹrẹ kan náà, ṣùgbọ́n bí wọn ò bá jọ jáde nínú aró kan, pupa àkọ́kọ́ lè mọ́lẹ̀, kí ti ìkejì ṣú díẹ̀. Nínú ilé, ẹ ò ní rí i. Ẹ jẹ́ kí àwọn ìyàwó ilé tò sójú oòrùn kí wọ́n ya fọ́tò, gbogbo ayé á rí i. Ẹ ka orí, ẹ gba owó, ẹ fi ìdì kan lé mẹ́wàá mẹ́wàá fún ẹni tó máa dé lójijì, torí ẹni yẹn ò ní ṣaláì dé. Lẹ́yìn náà kí ẹ rà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àbẹ̀kẹ́ Aláṣọ máa tú ìdì kọ̀ọ̀kan lójú yín, á tẹ́ wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn níta, lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ ọjọ́, kí ẹ tó kó o. Ọ̀pá pé, àwọ̀ ò ṣá."

Ẹ̀kẹrin, ti àdìrẹ. "Àdìrẹ Ìtòkú ti dé láti Abẹ́òkúta. Ẹ rántí o: àdìrẹ tuntun máa ń ta aró sílẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Ẹ fọ òun nìkan nínú omi tútù, títí omi rẹ̀ á fi mọ́. Ẹ yí inú rẹ̀ síta, ẹ sá a síbi òjìji. Bó bá jẹ́ òwú, ẹ rẹ ẹ́ sómi kí télọ̀ tó gé e, torí á súnkì. Ẹni tó bá gé e ní gbígbẹ, bùbá rẹ̀ á gòkè lẹ́yìn ìfọ̀ àkọ́kọ́. Àbẹ̀kẹ́ Aláṣọ, Gbági Tuntun."

Lórí ẹ̀kẹrin yìí, ẹ má fi "àwọ̀ ò ṣá" parí rẹ̀. Ẹni tó gbọ́ pé àwọ̀ ò ní ṣá, tí omi ìfọ̀ rẹ̀ wá dúdú bí ẹlu, á gbé korobá wá bá wa ní ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ̀DÀ ILÉYÁ (ìṣẹ́jú àáyá 30)

[Gángan, ẹ̀ẹ̀kan. Àgbò ké.]

ỌKỌ: Ìyá Ràímì, mo ti ra àgbò!

ÌYÀWÓ: Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá Ràímì. Aṣọ àwọn ọmọ ńkọ́?

ỌKỌ: Ó ṣì ku ọ̀sẹ̀ kan...

ÌYÀWÓ: Ọ̀sẹ̀ kan! Télọ̀ ti kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn pé òun ò gba aṣọ mọ́!

[Àgbò tún ké, ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ.]

OHÙN OBÌNRIN: Ẹ tètè ra aṣọ Iléyá, kí télọ̀ lè ráyè. Bó bá jẹ́ ọmọ mẹ́ta lẹ ní, ẹ wí ọjọ́ orí wọn fún wa, a ó bá yín ṣírò yáàdì. Àbẹ̀kẹ́ Aláṣọ, Gbági Tuntun, Ìbàdàn. Ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé.

ÈGBÈ: Ọ̀pá pé, àwọ̀ ò ṣá!

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ṣáájú Iléyá ni kí èyí bẹ̀rẹ̀: ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, lẹ́yìn ìròyìn aago méje àárọ̀ àti ṣáájú ti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Bó bá ku ọjọ́ mẹ́wàá, ẹ yọ ọ́, ẹ dá ẹ̀dà gígùn padà. Ẹni tó bá ra aṣọ lásìkò yẹn ò ní rí télọ̀ gbà á, ẹ̀bi rẹ̀ á sì padà sórí wa.