Ìkéde Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Ọlọ́jọ́ Mẹ́ta fún Àwọn Ọ̀dọ́ Ìjọ

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ, a kí yín lórúkọ Jésù Olúwa wa.

Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ la fi ń pè yín síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí yóò wáyé ní gbọ̀ngàn ìjọ láti ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 14, títí di ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 16, oṣù Kẹjọ, ọdún 2026. Ẹni ọdún 13 sí 30 la ń retí. A kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Láti oṣù Kẹfà la ti gbé àpótí kan sẹ́bàá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, pé kí ọ̀dọ́ tó bá ní ìbéèrè kọ ọ́ síbẹ̀ láìfi orúkọ sí i. Nígbà tí a ṣí i, ara wa bù máṣọ. Bébà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ká títí ó fi kéré bí awẹ́ obì. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni: “Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí mo ṣe Jáǹbù. Ṣé Ọlọ́run ń bínú sí mi ni?” Òmíràn ní ọ̀rẹ́ òun ń pe òun sí yàhúù, bẹ́ẹ̀ wọn ò rí oúnjẹ jẹ nílé.

Àwọn ìbéèrè yìí gan-an la fi ṣètò. Ní ọjọ́ Ẹtì, láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, àdúrà àti ẹ̀kọ́ láti inú 1 Tímótíù 4:12. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí mẹ́ta ọ̀sán, àwọn ọmọ ìjọ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, télọ̀ àti agbẹjọ́rò yóò bá wọn sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ ọwọ́, tẹ́tẹ́, oògùn olóró àti ọ̀rọ̀ ìdánwò. Lẹ́yìn náà, wákàtí kan gbáko, àwọn ọ̀dọ́ ni yóò máa sọ̀rọ̀, àwa àgbà yóò sì máa gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí a já lu ọ̀rọ̀ wọn. Àwọn Ìyá Ìjọ yóò se ẹ̀wà àgànyìn, búrẹ́dì yóò sì wà. Ìsìn ìdúpẹ́ la ó fi kádìí rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú.

Nílùú Ìbàdàn wa yìí, nígbà tí ìdílé Híndérà, àwọn míṣọ́nnárì, dé Kúdẹtì lọ́dún 1853, àwọn ọmọdé wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gbà sọ́dọ̀, tí wọ́n ń kọ́.

Ẹ̀yin òbí, a mọ̀ pé ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ọjà máa ń yá. A bẹ̀ yín, ẹ yọ̀ǹda ọmọ yín. Ẹ̀yin ọ̀gá tí ọmọ ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín, ẹ dákun, ẹ fún wọn láàyè lọ́jọ́ kan yìí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ mú ọ̀rẹ́ yín dání, ìbáà jẹ́ ọmọ ìjọ mìíràn tàbí Mùsùlùmí. Ẹ mú Bíbélì, ìwé àti bírò lọ́wọ́.

Kí a lè mọ iye oúnjẹ tí a ó sè, ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa lẹ́yìn ìsìn, ó pẹ́ tán, ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 9, oṣù Kẹjọ. Ẹni tó kọ ìwé kékeré yẹn, a kò mọ̀ ọ́, a kò sì ní wádìí rẹ. Jọ̀wọ́, ṣáà wá.

Akọ̀wé, Ìgbìmọ̀ Ọ̀dọ́