Bílẹ́ńdà jọ́ọ̀gù méjì, 400 wáàtì: ata, gbẹ̀gìrì, ẹ̀gúsí

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin àǹtí, àti ẹ̀yin bọ̀dá tẹ́ ẹ ń dá sè lágbègbè LAUTECH, ẹ wá wo nǹkan. Ẹni tó kọ̀wé sára páálí bílẹ́ńdà yìí ní ká máa fi po èso mọ́ mílíìkì láàárọ̀, ká fi fọ́ yìnyín, ó tún wá ya àwòrán sitirọ́bẹ́rì sí i gàdàgbà. Mo kà á tán, ẹ̀rín pa mí. Ta ló ń jẹ sitirọ́bẹ́rì láàárọ̀ ní Tákíè? Mi ò ní ka páálí fún yín, ohun tó ń ṣe nílé ìdáná tèmi ni mo máa sọ.

Ata ni ká fi bẹ̀rẹ̀. Jọ́ọ̀gù ńlá ẹ̀ gba lítà kan ààbọ̀. Ẹ gé tàtàṣé, tòmátì àti àlùbọ́sà wẹ́wẹ́, tòmátì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dà sísàlẹ̀ torí omi ara ẹ̀ ló máa jẹ́ kí abẹ rí nǹkan fà, ẹ wá da rodo àtìyókù lé e, omi díẹ̀ báyìí lẹ máa bù sí i. Ìṣẹ́jú kan, ó ti ń kúnná. Kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà o, ẹ pa á, kó sinmi díẹ̀ kẹ́ ẹ tó tún tàn án, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ mọ́tọ̀ á gbóná. Ṣé ẹ mọ̀gbà tẹ́ ẹ bá gbé abọ́ ata dúró sílé alọta ní Sátidé, tẹ́ni tó wà níwájú yín ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ẹ̀wà àkàrà tán, tẹ́ ẹ délé tí ata wá ń rùn ẹ̀wà? Ìyẹn ti tán. Màmá mi ṣì ń sọ pé ata orí ọlọ ló dùn jù, mi ò bá wọn jiyàn, àmọ́ àwọn náà ló ń ránṣẹ́ pé kí n bá àwọn lọ ata wá.

Gbẹ̀gìrì ńkọ́? Ẹ se ẹ̀wà tẹ́ ẹ ti bó yẹn títí á fi rọ̀, kẹ́ ẹ wá JẸ́ KÓ TUTÙ. Mò ń pariwo ẹ̀ torí ó ti ṣojú mi: mo da ẹ̀wà gbígbóná kún inú ẹ̀, mo dé e pa, mo tàn án, ooru ló ta ìdérí sókè, gbẹ̀gìrì dé àjà. Ẹ̀bi mi ni. Kó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó má ju ìdajì jọ́ọ̀gù lọ, á kúnná débi pé ẹ ò ní wá asẹ́ mọ́. Ti ewédú, bọ́tìnì tí wọ́n kọ P sí ni, ẹ tẹ̀ ẹ́ fíntín lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ fi í sílẹ̀, tó bá jù bẹ́ẹ̀ á kàn máa yọ fóòmù ni, kò ní rí bí èyí tá a fi ìjábẹ̀ ja mọ́.

Jọ́ọ̀gù kékeré wà fún nǹkan gbígbẹ: ẹ̀gúsí, edé, ata gbígbẹ. Ẹ̀gúsí lóróró, ẹ máa dá a dúró kẹ́ ẹ gbọ̀n ọ́n kó má lẹ̀ mọ́dìí. Ẹ má da gbodo sí i o! Ẹni tó bá fẹ́ lọ èlùbọ́ kó gbé e lọ sílé ẹ̀rọ, abẹ yìí ò lè fọ́ ọ.

Páálí tún ní jọ́ọ̀gù ẹ̀ kì í fọ́ láéláé. Èmi ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Rọ́bà líle ni, ó ti já bọ́ lọ́wọ́ ọmọ mi sórí sìmẹ́ńtì, nǹkan kan ò ṣe é, ṣùgbọ́n tàtàṣé á pọ́n ọn lára tó bá yá, ẹ tètè máa fọ̀ ọ́. Wáyà kọ́pà ló wà nínú mọ́tọ̀ ẹ̀. Tí wọ́n bá múná lọ, jẹ́nẹ́rétọ̀ kékeré tá a mọ̀ sí ai-bẹ́tà-paasi-mai-néibọ̀ á gbé e, ẹ kàn má tan áyọ́ọ̀nù pọ̀ mọ́ ọn.

₦24,500 ni, kò sí ẹ̀dínwó mọ́ nínú ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, mo ti yọ tèmi kù bíńtín. Funfun àti dúdú ló wà nílẹ̀. Nínú Ògbómọ̀ṣọ́ a máa gbé e wá bá yín lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ tàn án wò lójú ọmọ tó gbé e wá kẹ́ ẹ tó sanwó. Ará Ọ̀yọ́, ẹ san ₦1,500 owó mọ́tò, ẹ ó gbà á ní gáréèjì Òwódé. Mọ́tọ̀ ní gàráńtì oṣù mẹ́fà, àmọ́ tá a bá tú u tá a bá gbodo nínú ẹ̀, ẹ má bá mi jà.