Ètò owó oṣooṣù fún sọ́fítíwià ìwé àwìn wa ní Iléṣà, ọdún 2026

Sí ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa

Ẹ̀yin àgbà ìgbìmọ̀, a ń tọrọ ẹ̀yáwó ₦3,500,000 tí a ó fi gbé sọ́fítíwià ìwé àwìn wa la ọdún 2026 já. Áàpù orí fóònù ni. Oníṣòwò ń fi í kọ orúkọ ẹni tó gbọjà láwìn, iye tó jẹ, ọjọ́ tó dá àti iye tó ti san, áàpù náà a sì máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ rán onígbèsè létí nígbà tí ọjọ́ bá pé. ₦2,400 ni ẹni tó ń lò ó ń san lóṣooṣù. Ìlú àwọn òṣómàáló ni Iléṣà, kò sì sí ẹni tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún níbí pé ọjà àwìn kò ṣòro tà, pé gbígba owó rẹ̀ ni iṣẹ́. Nítorí náà a kò ní fi ìwé yìí polówó áàpù. Ohun tó kàn yín ni iye tí yóò máa wọlé lóṣooṣù, iye oníbàárà tí yóò máa já kúrò, àti iye tí à ń ná kí ẹnì kan tó di oníbàárà.

Owó tí yóò máa wọlé lóṣooṣù

Nígbà tí oṣù kejìlá ọdún 2025 parí, 60 oníbàárà ló ń sanwó. Ọ̀pọ̀ wọn wà ní ọjà Atákúmọ̀sà àti agbègbè Èrèjà, àwọn díẹ̀ sì wà ní Lagere àti Sábó ní Ilé-Ifẹ̀. Èyí fún wa ní ₦144,000 lóṣù. Nínú gbogbo ìṣirò ìwé yìí, owó tó ń padà wá lóṣooṣù nìkan ni a kà. Owó tí ẹnì kan san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó bá san ti ọdún kan pọ̀, ìdá kan nínú méjìlá rẹ̀ ni a ń kà fún oṣù kọ̀ọ̀kan, kí oṣù tí ẹni mẹ́ta sanwó ọdún má baà tàn wá jẹ.

| Oṣù ní 2026 | Oníbàárà tuntun | Àwọn tó já | Àwọn tó ṣẹ́kù | Owó oṣooṣù |
|---|---|---|---|---|
| 1 sí 3 | 90 | 21 | 129 | ₦309,600 |
| 4 sí 6 | 120 | 29 | 220 | ₦528,000 |
| 7 sí 9 | 90 | 42 | 268 | ₦643,200 |
| 10 sí 12 | 150 | 45 | 373 | ₦895,200 |

Iye tó wà lábẹ́ “àwọn tó ṣẹ́kù” àti “owó oṣooṣù” jẹ́ ti òpin oṣù kẹta-kẹta. A dín iye oníbàárà tuntun kù láti oṣù keje sí ìkẹsàn-án nítorí pé òjò kì í jẹ́ kí àwọn aṣojú wa rìn ọjà dáadáa, owó ilé-ìwé sì máa ń gba gbogbo agbára àwọn òbí nínú oṣù kẹsàn-án. Ní ìparí ọdún, nígbà tí àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà ń wálé fún Ìwúde àti Kérésìmesì, ọjà àwìn a máa pọ̀, ìwé gbèsè a sì máa nípọn; ìgbà yẹn ló rọrùn jù láti bá oníṣòwò sọ̀rọ̀ nípa gbèsè tó ń sọnù.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló bi wá pé kí ló dé tí iye tí oníbàárà ń san lóṣù kò fi jẹ́ ₦2,500 gééré. Paystack, tó ń bá wa gba owó, ń yọ ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún àti ₦100 lé e lórí, ṣùgbọ́n kì í gba ₦100 náà bí owó kò bá tó ₦2,500. Lórí ₦2,400, ₦36 ni wọn ń yọ. Lórí ₦2,500, yóò di ₦137.50, èyí tó túmọ̀ sí pé ọgọ́rùn-ún náírà tí a bá fi kún owó kò ní dé ọwọ́ wa rárá.

Àwọn oníbàárà tó ń já kúrò

Ibí yìí ni a fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù, torí pé òun ni yóò pinnu bóyá a ó lè dá owó yín padà. Ìṣirò wa gbà pé ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó bá bẹ̀rẹ̀ oṣù ni yóò já kí oṣù náà tó parí, láti oṣù kìíní sí ìkẹta. Ìdá 6 láti oṣù kẹrin sí ìkẹsàn-án. Ìdá 5 láti oṣù kẹwàá lọ. Ìyàtọ̀ ìdá 8 sí 5 lè dà bí nǹkan kékeré, ṣùgbọ́n ẹ wò ó báyìí: bí a bá ń rí 50 oníbàárà tuntun lóṣù tí ìdá 8 sì ń já, iye àwọn tó ń sanwó kò lè kọjá 625 láéláé, torí pé bí ó bá ti débẹ̀, 50 ló ń wọlé, 50 náà ló ń jáde. Bí ó bá jẹ́ ìdá 5, ibi tí yóò dúró sí ni 1,000. A kò fẹ́ máa fi agbọ̀n pọn omi.

Ènìyàn 83 ló ti sanwó rí ní ọdún 2025, 23 sì ti já nínú wọn. Nínú 23 yìí, 16 ló já kí wọ́n tó san ti oṣù kẹta. Ẹni tó bá ti kọjá oṣù kẹta kì í sábà lọ mọ́, nítorí pé gbèsè àwọn ènìyàn ti wà nínú fóònù rẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi já kò rí bí a ṣe rò ó. Nínú àwọn 16 náà, àwọn 7 kò pinnu àtilọ rárá: káàdì báǹkì wọn ti kọjá ọjọ́ lílò, tàbí kò sí owó nínú àpò wọn lọ́jọ́ tí a fẹ́ yọ owó. Oníṣòwò kì í fi owó sùn ní báǹkì. Ọjà ló ń gbé e lọ. Nítorí náà, láti oṣù kìíní, oníbàárà kọ̀ọ̀kan yóò ní nọ́ńbà àkáǹtì tirẹ̀ tí yóò máa sanwó sí láti fóònù rẹ̀, yóò yan ọjọ́ tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn, a ó sì fún un ní ọjọ́ méje kí a tó ti ojú ìwé rẹ̀.

Àwọn yòókù já nítorí iṣẹ́ tí áàpù náà ń fún wọn ṣe. Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Atákúmọ̀sà mú ìwé ògójì-ojú-ewé rẹ̀ wá hàn wá. “Ìyá Bọ́sẹ̀ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, lééṣì aláwọ̀ ewé, ó kù 4,500” ni ó wà níbẹ̀, kò sí nọ́ńbà fóònù, kò sí orúkọ bàbá. Áàpù wa kì í gba ẹni tí kò bá ní nọ́ńbà. Ó fi í sílẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì. Ní báyìí, oníṣòwò lè kọ onígbèsè bí ó ṣe mọ̀ ọ́n, kí ó sì fi nọ́ńbà kún un nígbà tó bá rí i. A tún ti pinnu pé aṣojú tó bá mú oníbàárà wá gbọ́dọ̀ padà sí ìsọ̀ rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kìíní láti bá a da gbèsè tó wà nínú ìwé sórí fóònù, nítorí pé ẹni tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwé òfìfo kò rí ìdí tí yóò fi san ti oṣù kejì.

Iye tí oníbàárà kan ń ná wa kó tó wọlé

Aṣojú méjì ni a ní, ₦40,000 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń gbà lóṣù fún iṣẹ́ ọjọ́ díẹ̀ lọ́sẹ̀. Rédíò àti ìwé ìpolówó ń gba ₦30,000, dátà àti ọkọ̀ ₦10,000, ìdajì owó oṣù ẹni tó ń ṣe alábòójútó wọn sì jẹ́ ₦45,000. Àwọn kan máa ń yọ owó alábòójútó kúrò kí iye náà lè kéré lójú ẹni tó fẹ́ yá wọn lówó; àwa kò yọ ọ́. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦165,000 lóṣù, yálà a rí oníbàárà tàbí a kò rí. Làádá aṣojú lórí oníbàárà kan sì jẹ́ ₦3,000: ìdajì nígbà tó bá kọ́kọ́ sanwó, ìdajì nígbà tó bá san ti oṣù kẹta.

Ní oṣù tí a bá rí 30, àpapọ̀ ìnáwó jẹ́ ₦255,000, ìyẹn ₦8,500 lórí ẹnì kan. Ní oṣù tí a bá rí 50, ó jẹ́ ₦315,000, tó sọ ọ́ di ₦6,300. Fún gbogbo ọdún, ₦3,330,000 lórí 450 ènìyàn, tàbí ₦7,400 lórí ẹnì kan.

Nínú ₦2,400 tí oníbàárà san, ₦36 lọ fún Paystack, ₦480 fún àtẹ̀jíṣẹ́ 80 ní ₦6 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦184 fún sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí áàpù náà ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ó ku ₦1,700. Oníbàárà tó ná wa ní ₦8,500 gbọ́dọ̀ dúró fún oṣù márùn-ún gbáko kí owó wa tó padà, bẹ́ẹ̀ sì ni ìdá 8 túmọ̀ sí pé oṣù 12 àti ààbọ̀ ni oníbàárà ń lò pẹ̀lú wa, tí èrè rẹ̀ jẹ́ ₦21,250, ìlọ́po 2.5 ohun tí a ná. Bí ó bá jẹ́ ìdá 5 tí ìnáwó sì wà ní ₦6,300, yóò lo 20 oṣù, yóò mú ₦34,000 wá, ìlọ́po 5.4. Ìlọ́po mẹ́ta ni àwọn onísọ́fítíwià sábà máa ń fi ṣe òṣùwọ̀n. A kò tíì dé ibẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, a kò sì ní fi pamọ́ fún yín.

Owó àtẹ̀jíṣẹ́ kò sí lọ́wọ́ wa. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, àjọ NCC gba àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ láyè láti fi owó kún iye tí wọ́n ń gbà, kò gbọdọ̀ ju ìdá 50 lọ, àtẹ̀jíṣẹ́ ₦4 sì di ₦6. Bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, a ó ní kí áàpù máa rán ìránnilétí lórí WhatsApp sí ẹni tó bá ní in.

Ìdí tí owó náà fi jẹ́ ₦3,500,000

Lẹ́yìn gbogbo ìyọkúrò, èrè lórí owó ọdún náà yóò jẹ́ ₦4,539,000. Ìnáwó lórí oníbàárà tuntun yóò jẹ ₦3,330,000, owó oṣù, ilé àti iná yóò jẹ ₦350,000 lóṣù, ₦4,200,000 lọ́dún. Àìtó jẹ́ ₦2,991,000. Bí ìdá 8 kò bá wálẹ̀ rárá, a ó parí ọdún pẹ̀lú 331 oníbàárà dípò 373, àìtó náà yóò sì di ₦3,283,400. ₦3,500,000 gba méjèèjì.

Bí ètò bá lọ bó ṣe yẹ, oṣù kìíní ọdún 2027 ni owó tó ń wọlé yóò kọ́kọ́ ju èyí tó ń jáde lọ, a ó sì máa san ₦175,000 lóṣù láti oṣù kẹfà ọdún náà fún 20 oṣù, pẹ̀lú èlé tí ẹgbẹ́ bá fi sí i. Bí ìjákúrò bá dúró sí ìdá 8, ₦94,900 péré ni yóò ṣẹ́kù ní oṣù kẹfà yẹn, kò sì ní tó. Nítorí èyí, bí ìjákúrò oṣù kẹfà ọdún 2026 bá ju ìdá 6 lọ, a ó dá ọ̀kan nínú àwọn aṣojú dúró lórí wíwá oníbàárà tuntun, iṣẹ́ rẹ̀ yóò sì di bíbẹ àwọn tó ti wà nílẹ̀ wò, títí ìdá náà yóò fi wálẹ̀.

Láti oṣù kejì, a ó máa fi ojú ìwé kan ránṣẹ́ sí akọ̀wé ìgbìmọ̀ ní ọjọ́ keje oṣù kọ̀ọ̀kan, tí yóò ní iye tó wọlé, iye tó já àti ìdí rẹ̀, iye tí a ná lórí ẹni tuntun kọ̀ọ̀kan, àti iye tó kù nínú ẹ̀yáwó náà.