Bí dátábéèsì wa ṣe wà níta gbangba nígbà Ojúde Ọba, àti ohun tá a ti yí padà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹni tí ò bá ráyè ka gbogbo ẹ̀, kó ka èyí ná. Láti 4:52 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú Ojúde Ọba títí di 9:16 àárọ̀ ọ̀túnla Ojúde Ọba, ẹnikẹ́ni tó ní íńtánẹ́ẹ̀tì níbikíbi láyé ló lè kan ilẹ̀kùn dátábéèsì wa tààrà. Wákàtí 64 àti ìṣẹ́jú 24. Orúkọ, nọ́ńbà fóònù, àti owó tí kálukú ti san ló wà nínú ẹ̀, ti èèyàn 2,314 nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tá à ń bá tọ́jú àkọsílẹ̀ owó ẹgbẹ́. Kò sí nọ́ńbà BVN níbẹ̀, kò sí ti káàdì, a dúpẹ́. A ò rí àmì pé ẹnì kankan wọlé. Àmọ́ a ò lè búra, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí jù, màá sọ ìdí ẹ̀ nísàlẹ̀.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Ẹ̀yin náà mọ bí Ìjẹ̀bú-Òde ṣe máa ń rí tí Ojúde Ọba bá ku ọ̀la, kò sẹ́ni tó jókòó, télọ̀ ò dáhùn ìpè, gbogbo ẹgbẹ́ ń pín aṣọ àti fìlà. Ẹgbẹ́ kan ò fẹ́ fún ẹni tí ò tíì san tán láṣọ, wọ́n wá ní kí màmá akáńtáǹtì wa tó ń gbé Ṣàgámù fi lísìtì ránṣẹ́ kó tó di aago mẹ́fà. Inú dátábéèsì ni màmá máa ń lọ fà á láti kọ̀ǹpútà wọn, nítorí pé àwa ò ṣe ojú ewé ìròyìn fún wọn, ọdún kejì rèé tá a ti ń ṣèlérí ẹ̀. Fáyawọ́ọ̀lù gba àdírẹ́ẹ̀sì ilé wọn láyè. Ṣùgbọ́n iná lọ ní Ṣàgámù lọ́jọ́ yẹn, wọ́n bá so kọ̀ǹpútà mọ́ dátà fóònù, àdírẹ́ẹ̀sì wá ń yí padà ní gbogbo ìgbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já.

Àbúrò wa tó wà lẹ́nu iṣẹ́ fi àdírẹ́ẹ̀sì tuntun sí i lẹ́ẹ̀kan, ó já, ó fi sí i lẹ́ẹ̀kejì, ó tún já. Màmá ń pè, ẹgbẹ́ ń pe màmá. Lẹ́ẹ̀kẹta ó ní ẹ jẹ́ kí n kàn ṣí i fún gbogbo èèyàn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí màmá bá ti fà á tán màá tì í. Ohun tó máa ń tẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni ti òkè yìí, ohun tó wá tẹ̀ ni ti ìsàlẹ̀:

```
sudo ufw allow from 203.0.113.24 to any port 5432 proto tcp
sudo ufw allow 5432/tcp
```

Màmá rí lísìtì gbà ní 5:08. Kí wọ́n tó pè pé àwọn ti rí i, iná ti lọ níbí náà, epo ò sí nínú jẹnẹrétọ̀, kọ̀ǹpútà àbúrò wa kú. Ó yọ pẹ́ńsù, ó kọ "ti 5432" sẹ́yìn ríṣíìtì gààrí kan, ó kì í sápò bùbá ẹ̀, ó lọ sílé. Wọ́n fọ bùbá náà lọ́jọ́ kejì. Ó mú ríṣíìtì yẹn wá hàn mí, ó ti di bọ́ọ̀lù kékeré kan báyìí, "54" nìkan lèèyàn ṣì lè kà lára ẹ̀. Ibi tí ìlànà ààbò wa dúró sí nìyẹn: sẹ́yìn ríṣíìtì, nínú aṣọ tí wọ́n máa fọ̀.

Mo ti gbọ́ pé àwọn kan ń pe àbúrò wa ní Baba Ṣílẹ̀kùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́. Ó tẹ ìlà kan tí kò yẹ kó tẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ló bi í léèrè? Ẹnì kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu iṣẹ́, ó lágbára láti yí fáyawọ́ọ̀lù padà láì sọ fẹ́nì kankan, kò sí ohun tó máa tì í pa fúnra ẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń wo ilẹ̀kùn láti ìta. Tó bá jẹ́ èmi ni mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, tí màmá ń pè mí lẹ́ẹ̀kẹfà, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé mi ò ní ṣe ohun kan náà.

Fáyawọ́ọ̀lù nìkan sì kọ́. Tó bá jẹ́ òun nìkan ló yẹ̀, pọ́ọ̀tì ì bá ṣí kí Postgres fúnra ẹ̀ kọ̀ fún àlejò. Nígbà tá a kó sáfà lọ́dún tó kọjá, èmi ni mo fi ìlà yìí sínú `pg_hba.conf` kí ìkólọ náà lè yá, mo sì gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀:

```
host  all  all  0.0.0.0/0  scram-sha-256
```

Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé ibikíbi tó o bá ti wá lórí IPv4, tó o bá ti ní páásìwọ́ọ̀dù, máa bọ̀. Torí náà ilẹ̀kùn méjì la ní, èmi ni mo ṣí ti inú sílẹ̀ fún odidi oṣù mẹ́wàá, àbúrò wa kàn wá ṣí ti ìta ni. Ẹ máa rántí ìyẹn tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣẹ̀fẹ̀.

Ní 7:10 àárọ̀ ọ̀túnla Ojúde Ọba, ọ̀gá tó ń tọ́jú bákọ́ọ̀pù rí i pé àyè ti fẹ́ tán lórí dísíìkì, wọ́n lọ wo fáìlì lọ́ọ̀gì, ó kún fún ìlà kan náà ṣáá:

```
FATAL:  password authentication failed for user "postgres"
```

Ó lé ní ẹgbàá mẹ́wàá ìlà. Àwọn rọ́bọ́ọ̀tì tó máa ń wá pọ́ọ̀tì tó ṣí kiri íńtánẹ́ẹ̀tì ni, wọ́n kì í sinmi, kò kàn wọ́n bóyá Ojúde Ọba ni tàbí Iléyá. Ìlà àkọ́kọ́ wọlé ní ìṣẹ́jú 37 lẹ́yìn tá a ṣí i. Kì í ṣe pé ètò kankan wa ló ké sí wa o, dísíìkì tó ń kún ló ṣe wá lóore. Tí dísíìkì bá tóbi sí i ni, bóyá ó ṣì wà ní ṣíṣí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Wọ́n ti rúùlù náà ní 7:34. Ó yẹ kó parí síbẹ̀, àmọ́ nọ́ńbà ni wọ́n fi pa á rẹ́, èyí tí `ufw status numbered` máa ń fi hàn, nọ́ńbà kan ṣoṣo ni wọ́n sì tẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tẹ `ufw allow 5432/tcp`, rúùlù méjì ló máa ń kọ, ọ̀kan fún àdírẹ́ẹ̀sì IPv4 ti àtijọ́, ọ̀kan fún ti IPv6. Ìkejì wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó jókòó pẹ̀sẹ̀ síbẹ̀ tó ń kọ `5432/tcp (v6) ALLOW IN Anywhere (v6)`, sáfà wa sì ní àdírẹ́ẹ̀sì IPv6. Nígbà tí mo tún wò ó ní 9:16 ni mo tó rí i. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 42 la fi ń kí ara wa kú iṣẹ́ pé a ti tì í.

Wàyí o, kí ló dé tá a ò lè búra. Postgres máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ tẹ́nì kan bá tẹ páásìwọ́ọ̀dù sódì, ṣùgbọ́n ẹni tó tẹ̀ ẹ́ bó ṣe tọ́, kò ní kọ tiẹ̀ àyàfi tẹ́ ẹ bá tan `log_connections`. A ò tàn án. Bí olè ṣe ń gbọn ilẹ̀kùn la kọ sílẹ̀, ẹni tó bá fi kọ́kọ́rọ́ wọlé jẹ́jẹ́, a ò mọ̀ ọ́n. Àtẹ dátà tó jáde lára sáfà ò fi nǹkan gbankọgbì hàn, ṣùgbọ́n dátábéèsì wa ò ju mẹ́gábáìtì 39 lọ, fídíò Ojúde Ọba kan lórí Wáàsáàpù tóbi jù bẹ́ẹ̀. Nítorí náà a ti pinnu pé ká ṣe é bíi pé wọ́n wọlé. Gbogbo páásìwọ́ọ̀dù la ti yí padà. Òfin ààbò dátà ti Nàìjíríà ti ọdún 2023 fún wa ní wákàtí 72 láti ìgbà tá a ti mọ̀ láti fi tó àjọ tó ń rí sí i létí tó bá ṣeé ṣe kó pa àwọn èèyàn lára, a sì ti fi ìwé náà ránṣẹ́ ní wákàtí kọkàndínlọ́gbọ̀n. A ti pe alága àwọn ẹgbẹ́ náà níkọ̀ọ̀kan. Alága kan bá mi wí dáadáa, ó ní ṣé owó tóun san tán ni gbogbo ayé máa mọ̀ àbí gbèsè àwọn ẹgbẹ́ òun. Mi ò rí èsì fún wọn.

Ohun tá a ti yí padà nìyí o. Kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ tẹ fáyawọ́ọ̀lù lórí sáfà mọ́. Inú fáìlì tó wà nínú git la ó máa kọ rúùlù sí, ẹlòmíì á kà á kó tó lọ, ìbéèrè méjì péré lẹni náà máa bi: ta la ṣí i fún, ìgbà wo ló máa tì? Tí ò bá sí ìdáhùn sí ìkejì, kò gbọdọ̀ buwọ́ lù ú. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní tó bá di pàjáwìrì ńkọ́. Tó bá di pàjáwìrì, ẹ pe ẹnì kejì lórí fóònù kẹ́ ẹ sì kà á sí i létí, ẹ jọ gbọ́ ọ. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó ṣí i rárá, títì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣètò:

```
echo "ufw delete allow 5432/tcp" | sudo at now + 1 hour
```

Mo ti dán an wò ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ó ń pa rúùlù méjèèjì rẹ́ pọ̀, ti IPv6 náà. Orí sáfà ló ti ń ṣiṣẹ́, iná ọ́fíìsì lè lọ, kò kàn án.

Sáfà kékeré kan tá a ń sanwó ẹ̀ níbòmíì ń fi `nmap` kan ilẹ̀kùn wa láti ìta ní wákàtí wákàtí báyìí, pẹ̀lú `-6` náà, tó bá rí ohun tó yàtọ̀ sí pọ́ọ̀tì 443 àti ti WireGuard, ó máa pe fóònù mi àti ti ọ̀gá bákọ́ọ̀pù. Ó pè mí ní aago mẹ́ta òru lọ́jọ́ Ẹtì lásán. Mo gbà bẹ́ẹ̀. `log_connections` ti wà ní títàn. Láti ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú Ojúde Ọba di ọjọ́ kejì ẹ̀, kò sí ìyípadà kankan lórí sáfà láìsí èèyàn méjì lẹ́nu iṣẹ́, a ó sì sanwó fún ẹni kejì náà. Jálá epo méjì gbọ́dọ̀ máa wà nílẹ̀ fún jẹnẹrétọ̀, ẹ má rẹ́rìn-ín, ara ìlànà ààbò ni.

WireGuard ti wà lórí kọ̀ǹpútà màmá akáńtáǹtì, àdírẹ́ẹ̀sì wọn lè yí padà nígbà ogún lóòjọ́, wọ́n á wọlé síbẹ̀. Mo lọ bá wọn ní Ṣàgámù fúnra mi láti tò ó, wọ́n fún mi ní ìkọ́kọrẹ́, wọ́n sì bi mí pé ojú ewé ìròyìn tẹ́ ẹ ṣèlérí ńkọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo dá.

Ohun tó ṣẹ́kù: mo ti yọ ìlà `0.0.0.0/0` yẹn kúrò lórí sáfà ńlá, àmọ́ ó ṣì wà lórí sáfà tá a fi ń dán nǹkan wò, bákọ́ọ̀pù oṣù tó kọjá sì wà lórí ẹ̀. Èmi ni màá yọ ọ́ lálẹ́ òní. Àbúrò wa ló máa kà á kó tó lọ.