Lẹ́tà sí onílé: bí ilé ṣe wà àti iye tí mita kà lọ́jọ́ tí mo gba kọ́kọ́rọ́

Odòlù, Kábà.
Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 8 oṣù Kejì, ọdún 2025.

Bàbá Fọlá,

Òkun o, sà. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ooru Lọ́kọ́ja. Mo gba kọ́kọ́rọ́ méjèèjì lọ́wọ́ àbúrò yín, Bàbá Bísí, láàárọ̀ yìí. Àwa méjèèjì jọ wo ilé náà láti yàrá dé yàrá kí wọ́n tó sọ ẹrù mi kankan kalẹ̀. Ilé náà wù mí, mo sì fẹ́ pẹ́ níbẹ̀. Ẹ ti gba ₦250,000 owó ilé ọdún kan, ẹ sì tún gba ₦50,000 tí ẹ ní ẹ óò dá padà lọ́jọ́ tí mo bá ń kó jáde, bí n kò bá ba nǹkan jẹ́. Nítorí owó kejì yìí ni mo ṣe ń kọ̀wé, kí èmi àti ẹ̀yin jọ mọ ohun tó ti bàjẹ́ kí n tó dé, kó má di pé a fi ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ ká wá fi ìjà tú ká.

Ohun tó kọ mí lóminú jù ni sílìn yàrá ńlá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáànù, lápá ibi tí fèrèsé wà, àbàwọ́n aláwọ̀ ilẹ̀ kan wà níbẹ̀ tó fẹ̀ tó ẹnu agbada ńlá. Etí rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan: ìlà kan wà nínú òmíràn, ó tó mẹ́rin, ti ìta ló pọ́n jù. Òjò tó wọlé ní ọ̀pọ̀ ìgbà ló ń ṣe irú èyí. Ẹnì kan ti fi ọ̀dà funfun kùn ún lórí, ṣùgbọ́n ó ti yọ jáde padà. Orí ìṣó tó wà láyìíká ibẹ̀ ti dípẹtà, páálí náà sì ti rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí Bàbá Bísí fi igi ìgbálẹ̀ tì í, ó mì. Ẹ̀ẹ̀rùn la wà yìí, kò sí òjò tí a lè fi dán òrùlé wò. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀ tí omi sì já wọlé níbẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé àwa tí a wà nínú ilé ni a gun òrùlé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí káfíńtà gòkè lọ wo páànù náà kí oṣù Kẹta tó parí. Bẹ́ẹ̀dì ọmọ mi kò ní ibòmíràn tí a lè gbé e sí ju abẹ́ ibẹ̀ lọ.

Nínú yàrá yẹn kan náà, ògiri ti là láti igun ìsàlẹ̀ fèrèsé wá sísàlẹ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀. Mo fi téèpù wọ̀n ọ́n, ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 64. Èékánná mi wọ inú rẹ̀ lókè, ṣùgbọ́n kò wọ̀ nísàlẹ̀. Mo fi pẹ́ńsù fa ìlà kékeré sí ibi tó parí sí, mo sì kọ ọjọ́ òní sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó bá kọjá ìlà yẹn, a jẹ́ pé ògiri ṣì ń rìn nìyẹn, mo máa pè yín lójú ẹsẹ̀.

Yàrá kékeré dára. Gíláàsì fèrèsé méjì ló fọ́ níbẹ̀, nẹ́ẹ̀tì sì ti ya lápá òsì. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ti jó dúdú. N kò ní fi nǹkan kan sínú rẹ̀ títí ẹni tó mọ iṣẹ́ iná yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní kíṣìnì, táìlì mẹ́rin ti là lábẹ́ síǹkì. Ikán ti jẹ férémù ilẹ̀kùn ẹ̀yìn: ojú ọ̀nà amọ̀ wọn ṣì wà lára igi náà, ibi tí mo sì fi ìka tẹ̀ nísàlẹ̀ rọ̀ bíi búrẹ́dì. Àgádágodo ilẹ̀kùn yẹn kì í tì dáadáa nítorí èyí. Nílé ìtura, táńkì tó ń fọ ìgbọ̀nsẹ̀ sán lẹ́gbẹ̀ẹ́, omi ń kán láti ibẹ̀. Sáwà kò ní orí.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti mita, nítorí òun ló sábà máa ń dá ìjà sílẹ̀. Mita pírípéèdì ilé mi, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ parí sí 4471, ti ka 3,482.6 kWh lápapọ̀ ní aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀ yìí. Yúnìtì 11.4 ló kù nínú rẹ̀. Bàbá Bísí ló ka nọ́ńbà náà jáde, èmi ni mo kọ ọ́. Wọ́n ti ṣe ìyípadà tókìn tí wọ́n ní kí gbogbo mita pírípéèdì ṣe kó tó di ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, kí mita lè máa gba tókìn tuntun, nítorí nígbà tí mo ra tókìn, nọ́ńbà 20 náà wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n nínú ₦5,000 tí mo fi rà á, wọ́n yọ ₦1,500 fún gbèsè àtijọ́. Rìsíìtì náà fi hàn pé gbèsè tó kù tó ₦9,200. N kò mọ ẹni tó jẹ ẹ́, mo kàn mọ̀ pé èmi kọ́, nítorí n kò tíì sun ilé náà rí. Mo fẹ́ kí ẹ yọ ₦1,500 yẹn, àti èyíkéyìí tí wọ́n bá tún yọ, nínú owó ilé tí ń bọ̀, tàbí kí ẹ lọ san gbèsè náà tán.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà lára mita yìí tí mi ò lè fojú kéré: okùn èdìdì tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ti já. Bàbá Bísí ní bó ṣe wà nìyẹn láti ìgbà tí wọ́n ti pààrọ̀ wáyà ìta. Èmi gbà á gbọ́. Àwọn tó máa ń wá yẹ mita wò kò ní gbà á gbọ́ o, nítorí ẹni tó ń gbé inú ilé ni wọ́n máa ń fi ẹ̀sùn jíjí iná kàn, owó ìtanràn rẹ̀ kò sì kéré. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí orúkọ yín wà lórí mita ni kí ẹ fi tó wọn létí kí wọ́n wá dì í, ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yìí.

Omi ìjọba kò wọ inú ọgbà, nítorí náà kò sí mita omi. Mita kékeré tí ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga ń lò, èyí tí ilé mẹ́ta jọ ń pín sísan rẹ̀, ka 917.3 lónìí. Láti orí nọ́ńbà yẹn ni ìdá kan nínú mẹ́ta tèmi ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó wà ṣáájú rẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó jáde.

Ní ti àtúnṣe, sílìn, òrùlé, férémù tí ikán jẹ, sọ́kẹ́ẹ̀tì tó jó àti táńkì ìgbọ̀nsẹ̀ wà lọ́wọ́ yín. Gíláàsì, nẹ́ẹ̀tì àti orí sáwà, mo lè fi owó ara mi ṣe wọ́n, n kò sì ní béèrè rẹ̀ padà. Táìlì àti ògiri lè dúró bó ṣe wà, kí wọ́n má sáà kà á sí mi lọ́rùn.

Mo ti fi gbogbo fọ́tò ránṣẹ́ sórí Wọ́sáàpù yín, ti mita méjèèjì ló ṣáájú. Ìwé yìí jẹ́ méjì. Ẹ jọ̀wọ́ ẹ fọwọ́ sí ọ̀kan kí ẹ fi rán Bàbá Bísí kó tó di ọjọ́ 22 oṣù yìí. Bí ohun kan bá wà níbẹ̀ tí ẹ rò pé kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ pè mí kí a jọ wò ó nígbà tí ilé ṣì ṣófo.

Èmi ni,
Ìyá Tòbí, ayálégbé, ilé ẹ̀yìn lápá òsì.

Bàbá Bísí fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí níbi tí a ti ka mita.