Mémò: Ìlànà Ìkọ̀wé Kan fún Ọ́fíìsì Wa

Sí: Ọ̀gá àgbà àti gbogbo lọ́yà ọ́fíìsì yìí, Kábbà
Láti ọ̀dọ̀: Akọ̀wé àgbà
Ọjọ́: Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìlá oṣù Kìíní, 2026
Kókó: Bí a ó ṣe máa kọ orúkọ, owó, ọjọ́ àti ìwọ̀n ilẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a fọwọ́ sí ìwé ìlànà olójú-ewé méjì kan, tí gbogbo wa á máa tẹ̀lé nínú àwọn ìwé tí a ń kọ ní Yorùbá fún àwọn oníbàárà wa: àgírímẹ́ǹtì ilẹ̀, ìwé ilé gbígbà, àti lẹ́tà sí ẹbí. Lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí, ẹni tó bá tẹ ìwé ló ń pinnu bí yóò ṣe rí, àwọn oníbàárà sì ti ń bi mí léèrè ìdí tí ìwé méjì láti ọ́fíìsì kan kò fi jọra.

Orúkọ ló ń dùn wá jù. Ọmọ Ìyàgbà kan lè jẹ́ Ṣọlá lẹ́nu ẹbí, kó jẹ́ Shola ní báǹkì, kó sì jẹ́ Sola lórí ìwé ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Bí a bá kọ ọ̀kan lójú ewé àkọ́kọ́ tí òmíràn wà níbi tó ti fọwọ́ sí i, àfídéfíìtì ni yóò tún lọ ṣe kí wọ́n tó gbà pé ẹnì kan náà ni. Àbá mi: ẹ jẹ́ kí a kọ orúkọ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà lórí NIN, lẹ́tà sí lẹ́tà, láìfi àmì kún un. Bí orúkọ mìíràn bá wà, a ó fi “tí a tún mọ̀ sí” so ó mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan péré, lókè ìwé. Lẹ́yìn ìyẹn, Olùtà àti Olùrà ni kí a máa pè wọ́n. Mo mọ̀ pé Ọ̀gá fẹ́ràn “ẹni àkọ́kọ́ tí a dárúkọ lókè yìí”, ṣùgbọ́n tí a bá ń ka ìwé náà sí etí àgbàlagbà kan, tó bá fi máa dé ojú ewé kẹta, kò ní mọ ẹni tó jẹ́ àkọ́kọ́ mọ́.

Owó: ká kọ ọ́ ní ọ̀rọ̀, kí nọ́ńbà tẹ̀lé e, báyìí: mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà, ₦1,500,000. Bí méjèèjì bá takora, ọ̀rọ̀ ni òfin sábà máa ń gbà, nítorí náà ọ̀rọ̀ ló yẹ kí a yẹ̀ wò dáadáa jù.

Ọjọ́: a kò gbọdọ̀ kọ 3/4/2026 mọ́. Ọjọ́ kẹta oṣù Kẹrin ni, tàbí ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹta? Nínú nótíìsì fún ayálégbé, ká má ṣe kọ “ìtàdógún” tàbí “ọ̀sẹ̀ méjì”, torí bí àgbà ṣe ń ka ọjọ́ mọ́ ọjọ́ yàtọ̀ sí ti kọ́ọ̀tù. Ká kọ iye ọjọ́, ká sì dárúkọ ọjọ́ tó máa parí gan-an.

Ilẹ̀: “pílọ́ọ̀tì kan” nìkan kò tó. Ìwọ̀n àti nọ́ńbà bíkìn inú pílánì sàfíyọ̀ ni kí a dà kọ, pẹ̀lú àwọn tó bá ilẹ̀ náà pààlà. Bí kò bá sí pílánì, ká sọ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé, ká má ṣe fojú díwọ̀n.

Ibi tí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ ara rẹ̀ tún ọ̀rọ̀ tò ni ìparí ìwé ẹni tí kò mọ̀wé kà. Òfin ló dáàbò bo irú ẹni bẹ́ẹ̀, ó sì fẹ́ mọ ẹni tó kọ ìwé. Èyí ni mo dábàá:

“Èmi, tí mo kọ orúkọ àti àdírẹ́sì mi sísàlẹ̀ yìí, ni mo kọ ìwé yìí. Mo kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin sí etí Olùtà, mo sì túmọ̀ rẹ̀ fún un ní èdè Yorùbá, ní ẹ̀ka Ìyàgbà. Ó hàn pé ó yé e dáadáa kó tó tẹ ìka.”

Ká yí ẹ̀ka èdè padà sí Ówé, Búnú tàbí Ìjùmú bó bá ṣe rí. Tí ẹlòmíràn bá túmọ̀, kí òun náà kọ orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀.

Ní ti ìrísí, ìwé A4, lẹ́tà oníwọ̀n 12, nọ́ńbà ojú ewé nísàlẹ̀. Orúkọ fáìlì á máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọdún:

```
2026-01-12_ilẹ̀_Isanlu_Olùtà-Olùrà.docx
```

Ìwé tó ń lọ sí kọ́ọ̀tù kò sí nínú èyí. Ìlànà kọ́ọ̀tù fúnra rẹ̀ ló ń darí wọn.

Bí Ọ̀gá bá fọwọ́ sí i, èmi ni màá tọ́jú ìwé náà, a ó sì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì oṣù Kejì. Àwọn ìwé tí oníbàárà ti fọwọ́ sí tẹ́lẹ̀, ká má tún wọn kọ. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹni tí kò bá fara mọ́ èyíkéyìí kọ èsì sí ẹ̀gbẹ́ ìwé yìí kó tó di Ọjọ́bọ̀, pàápàá lórí ọ̀rọ̀ orúkọ.