Ẹ̀rọ Kejì

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa lọ́jọ́ Ajé, aláìsàn mọ́kànlá ti wà nílé ìwòsàn. Ìgbẹ́ wọn dà bí omi ìṣanresì, ojú wọn ti jìn. Àṣàkẹ́, ọ̀gá àwọn wolé-wolé, ní kí wọ́n kọ́kọ́ gba ìgbẹ́ sínú ìgò, torí bí oògùn bá ti wọnú aláìsàn, kòkòrò onígbáméjì lè má hàn mọ́ nílé àyẹ̀wò. Omi iyọ̀ àti ṣúgà ni kò gbọdọ̀ dúró de ẹnikẹ́ni: omi mímọ́ lítà kan, ṣúgà ṣíbí kékeré mẹ́fà, iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí.

Odò ni gbogbo ọjà ń nàka sí. Àmọ́ nínú ìwé Àṣàkẹ́, kò sẹ́ni tó mu omi odò. Ẹ̀rọ ọjà ni mẹ́wàá ti pọnmi. Síbẹ̀, Ìyá Ẹlẹ́kọ tó ń pọn lábẹ́ táńkì, àwọn ọmọ rẹ̀ ń sáré kiri, ara wọn dá ṣáṣá.

Ó padà sọ́dọ̀ àwọn aláìsàn. “Ẹ̀rọ wo? Aago mélòó?”

Ẹ̀rọ kejì, níwájú àwọn alápatà. Kí aago méje tó lù, gbogbo wọn.

Alẹ́ ni wọ́n máa ń ti omi táńkì kó má baà ṣòfò. Àṣàkẹ́ tẹ̀ lé páípù náà lẹ́sẹ̀lẹ́sẹ̀ wọnú gọ́tà, títí ó fi dé oríkèé kan tí wọ́n fi rọ́bà táyà dì. Ṣáláńgá ọjà ń ṣàn lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wá yé e: bí omi bá ti tán nínú páípù lóru, ohun tó bá yí ojú ibi tó là náà ká ni páípù ń fà mu. Kéègì àkọ́kọ́ láàárọ̀ ló ń gbé e lọ. Nígbà tó bá fi di ọ̀sán, omi ti ṣan án kúrò.

“Wolé-wolé, ẹ fẹ́ pa ọjà wa ni?” Ìyálọ́jà bi í.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rọ kan péré ni mo fẹ́ tì.”

Ó tì í lójú ẹsẹ̀. Ìgò àyẹ̀wò omi mẹ́ta tó ti bu láàárọ̀ àti lọ́sàn-án wà lórí tábìlì rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, méjì ṣì mọ́ gaara. Ti ẹ̀rọ kejì láàárọ̀ ti dúdú bí aró.

Ó ku ẹnì kọkànlá: bàbá arúgbó kan l'Òkè-Bàálẹ̀ tí kì í wá sọ́jà rárá, tó ń mu omi kànga ilé rẹ̀. Kànga náà jìnnà sí ṣáláńgá, ó ní ìdérí. Àṣàkẹ́ jókòó tì í.

“Bàbá, kí lẹ mu lọ́jọ́ Ẹtì?”

“Sóbò ni ọmọ-ọmọ mi rà wá. Ó tutù dáadáa.”

Yìnyín ń dá kòkòrò náà dúró ni, kì í pa á. Ó di aago mẹ́rin kí wọ́n tó rí ilé ẹni tó ń ta yìnyín. Obìnrin náà ṣí fìrísà, ọ̀rá ogójì tò síbẹ̀, ó gan.

“Aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo máa ń lọ pọnmi,” ló wí. “Kì í sí èrò nígbà yẹn.”